Àpótí fún bọ́ọ̀dù Raspberry Pi 4: ibi tí òpó ń dúró sí, bí a ṣe ń la ojú wáyà, àti ọ̀nà tí ooru ń gbà jáde

Ohun kan máa ń rú àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi púríńtà 3D ṣe àpótí fún bọ́ọ̀dù lójú. Wọ́n fi rúlà wọn bọ́ọ̀dù náà dáadáa, wọ́n ya àpótí tí ó fi díẹ̀ tóbi jù ú lọ, púríńtà sì ṣe é jáde láìsí àbùkù kankan; síbẹ̀, bọ́ọ̀dù kọ̀, kò wọlé. Nígbà mìíràn ó lè wọlé tán kí orí wáyà má kan ìdí ibi tí ó yẹ kó dé, tàbí kí ohun gbogbo bára mu, kí ẹ̀rọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti dé e pa fún ìgbà díẹ̀. Ìwọ̀n tí wọ́n mú kò burú. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé ìwọ̀n bọ́ọ̀dù nìkan kò tó láti fi ṣe àpótí: a gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà tí bọ́ọ̀dù yóò gbà wọlé, bí orí wáyà ti tóbi tó, àti ibi tí afẹ́fẹ́ yóò gbà wọ inú àpótí kí ó tó lè jáde.

Raspberry Pi 4, kọ̀ǹpútà kékeré tí gbogbo rẹ̀ wà lórí bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo, ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé, nítorí pé ó wọ́pọ̀, ó ti wà lórí àtẹ láti ọdún 2019, ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é sì gbé àwòrán ìwọ̀n rẹ̀ síta fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ó bá lè ṣe àpótí èyí láìsí wàhálà lè ṣe ti bọ́ọ̀dù mìíràn.

Kí ni àwọn ohun tí a ń dárúkọ?

Bọ́ọ̀dù ni pátákó pẹlẹbẹ tí a jó àwọn ẹ̀yà tí ń lo iná mọ́ lára. Òpó ni ọ̀pá ike kúkúrú tí ó yọ láti ilẹ̀ àpótí, tí bọ́ọ̀dù jókòó lé, tí súkúrù sì dè é mọ́. Ojú ìsopọ̀ ni ibi tí a ń ki wáyà bọ̀ lára bọ́ọ̀dù, bíi ti USB, ti HDMI tàbí ti iná. Ojúhò ni àyè tí a là sára ògiri àpótí kí wáyà lè dé ojú ìsopọ̀ náà. Ihò afẹ́fẹ́ ni àwọn ihò gígùn tóóró tí a là kí ooru lè jáde. Bí mo bá sì sọ pé àlàfo, àyè tí a mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ láàárín ohun méjì ni mo ń sọ, kí wọ́n má baà fún ara wọn mọ́lẹ̀.

Níbo ni òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò dúró sí?

Ẹ gbé bọ́ọ̀dù náà síwájú yín, kí ojú iná àti ojú HDMI méjèèjì kọjú sí yín, kí àwọn ojú USB ńláńlá sì wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Láti òsì sí ọ̀tún, bọ́ọ̀dù náà gùn ní mílímítà 85. Láti ọ̀dọ̀ yín lọ sí ọ̀nà ìwájú, ó jẹ́ 56. Igun tí ó wà ní apá òsì lọ́dọ̀ yín ni kí ẹ fi ṣe orísun, kí ẹ sì máa wọn ohun gbogbo láti ibẹ̀. Ẹni tí ó bá wọn ihò kan láti òsì, tí ó tún wọn èkejì láti ọ̀tún, ti kó àṣìṣe méjì pọ̀ sójú kan.

Ihò mẹ́rin ni ó wà lára bọ́ọ̀dù fún súkúrù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n wà, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Àárín ihò àkọ́kọ́ jìnnà sí etí òsì ní mílímítà 3.5, ó sì jìnnà sí etí tí ó wà lọ́dọ̀ yín ní 3.5 bákan náà. Èkejì wà ní mílímítà 58 sí ọ̀tún rẹ̀, àwọn méjì yòókù sì wà ní mílímítà 49 síwájú àwọn wọ̀nyí. Èyí túmọ̀ sí pé ihò tí ó wà lápá ọ̀tún ṣì ku mílímítà 23.5 kí ó tó dé etí bọ́ọ̀dù, nítorí pé àwọn ojú USB àti ti nẹ́tíwọ́kì ni ó gba gbogbo ìpẹ̀kun ọ̀tún.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a sọ pé ògiri àpótí wa nípọn ní mílímítà 2, a sì fi àlàfo mílímítà 1 sílẹ̀ láàárín ògiri àti etí bọ́ọ̀dù. Igun bọ́ọ̀dù yóò wà ní mílímítà 3 sínú láti igun ìta àpótí. Nínú OpenSCAD, èyí tí ó jẹ́ ètò ọ̀fẹ́ tí a fi ń kọ àwòrán ní ọ̀rọ̀, òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò ju báyìí lọ:

```
translate([3, 3, 2])
  for (x = [3.5, 61.5], y = [3.5, 52.5])
    translate([x, y, 0]) difference() {
      cylinder(d = 6, h = 5, $fn = 48);
      cylinder(d = 2.2, h = 6, $fn = 48);
    }
```

Nọ́ńbà 3 méjì tí ó wà lókè ni ògiri àti àlàfo tí a pa pọ̀. 2 tí ó tẹ̀ lé wọn ni bí ilẹ̀ àpótí ti nípọn tó. Èyí yòókù ni ìwọ̀n ihò gan-an láti igun tí a fi ṣe orísun.

Kí ni a fi ń mọ bí òpó yóò ti ga tó?

Ẹ yí bọ́ọ̀dù náà padà kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ ó rí àwọn ẹnu irin ṣóńṣó tí wọ́n jó mọ́ ibẹ̀, àwọn mìíràn nínú wọn yọ tó mílímítà 2, ẹ ó sì rí ojú ibi tí káàdì microSD ń wọ̀. Bí òpó bá kúrú, àwọn ẹnu irin wọ̀nyí ni yóò gbé bọ́ọ̀dù ró dípò òpó. Nígbà tí ẹ bá ń yí súkúrù, bọ́ọ̀dù yóò máa tẹ̀ bí ọrun. Mílímítà 5 ni mo fara mọ́, nítorí pé ó fún afẹ́fẹ́ láyè láti gba abẹ́ bọ́ọ̀dù kọjá, ó sì jẹ́ kí ìka ènìyàn rí káàdì náà mú.

Òpó tí ó ní ìbú mílímítà 6 tó fún súkúrù M2.5, èyí tí ó bá ihò bọ́ọ̀dù yìí mu. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó má baà tẹ àwọn ẹ̀yà wẹ́wẹ́ tí ó wà nítòsí ihò. Ihò 2.2 tí mo yà sí àárín òpó kéré sí súkúrù, nítorí pé súkúrù náà ni yóò fi eyín rẹ̀ gé ọ̀nà sára ike. Púríńtà sì máa ń mú kí ihò rọ́bọ́tọ́ kéré díẹ̀ sí bí a ṣe yà á, nítorí náà, 2.2 tí a yà yóò jáde ní nǹkan bíi 2.

Ibi tí òpó ti máa ń kán ni ìdí rẹ̀, níbi tí ó ti pàdé ilẹ̀ àpótí. Púríńtà ń to ike ní ìpele lórí ìpele, ìpele méjì kì í sì í lẹ̀ mọ́ra bí ìpele kan náà ti le tó láàárín ara rẹ̀. Tí súkúrù bá fún jù, ẹ ó kọ́kọ́ rí ilà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí yóò yí òpó ká. Bí ẹ bá ń yí i lọ, òpó yóò já bọ́ níbi ilà náà. Ọ̀nà àbáyọ ni kí ẹ jẹ́ kí ìdí òpó fẹ̀ ju orí rẹ̀ lọ, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ rọra tẹ́ sílẹ̀ dípò kí ó dúró ṣánṣán. Súkúrù tí ó gùn ní mílímítà 6 ni ó yẹ: yóò gba inú bọ́ọ̀dù kọjá, yóò sì wọ òpó tó mílímítà 4.5. Èyí tí ó bá gùn jù ú lọ yóò kan ilẹ̀ àpótí, yóò sì ti òpó ya.

Kí ló dé tí bọ́ọ̀dù kì í fi í wọlé?

Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Àwọn ojú ìsopọ̀ kì í parí sí etí bọ́ọ̀dù. Wọ́n yọ síta. Àwọn ojú USB ńlá tí ó wà lọ́tùn-ún yọ tó nǹkan bíi mílímítà 3, ojú ìgbọ́rọ̀ rọ́bọ́tọ́ tí ó kọjú sí yín náà yọ, ojú iná yọ díẹ̀. Àlàfo tí a fi sílẹ̀ kò ju 1 lọ. Nítorí náà, kí bọ́ọ̀dù tó lè dé orí òpó, ojú USB gbọ́dọ̀ ti wà nínú ògiri ọ̀tún, ojú ìgbọ́rọ̀ sì gbọ́dọ̀ ti wà nínú ògiri tí ó wà lọ́dọ̀ yín.

Bí ó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni ó yọ, a lè dẹ bọ́ọ̀dù, kí a kọ́kọ́ ti ẹ̀gbẹ́ yẹn sínú ojúhò rẹ̀, kí a tó rọra gbé ìyókù kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ méjì ni ó yọ níhìn-ín, wọ́n sì wà ní igun ara wọn. Kò sí bí a ó ti dẹ ẹ́ tí ẹ̀gbẹ́ kan kò ní kọ́ ògiri. Lórí kọ̀ǹpútà, ohun gbogbo jókòó sáyè rẹ̀ dáadáa, nítorí pé kọ̀ǹpútà kì í bi yín léèrè ọ̀nà tí ó gbà débẹ̀.

Ọ̀nà tí mo gbà pé ó dára jù ni kí a má ṣe la ojúhò bíi fèrèsé tí ògiri yí ká. Ẹ jẹ́ kí ó ṣí lókè, láti ìsàlẹ̀ ojúhò títí dé etí ògiri, kí bọ́ọ̀dù lè sọ̀kalẹ̀ tààrà láti òkè bọ́ sórí òpó. Lẹ́yìn náà, ẹ ya ahọ́n ike sí abẹ́ ìdérí, tí yóò sọ̀kalẹ̀ dí àyè tí ó ṣẹ́kù lókè ojú ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí ahọ́n náà fi mílímítà 0.3 kéré sí àyè rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Tí ó bá ṣe déédéé pẹ̀lú rẹ̀ lórí àwòrán, kò ní wọlé nígbà tí púríńtà bá ṣe é jáde.

Káàdì microSD ni ẹni tí a sábà ń gbàgbé. Abẹ́ bọ́ọ̀dù ni ó wà, ní ìpẹ̀kun òsì, ó sì yọ síta ju etí lọ. Ẹ yọ ọ́ kúrò kí ẹ tó gbé bọ́ọ̀dù wọlé, kí ẹ sì la ògiri òsì níbẹ̀ kí ó fẹ̀ tó ìka, láti ilẹ̀ àpótí dé abẹ́ bọ́ọ̀dù. Mo ti rí káàdì tí ó ṣẹ́ sí méjì nítorí pé wọ́n fi ipá ti bọ́ọ̀dù mọ́ ògiri nígbà tí ó ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

Ojú ìsopọ̀ ni a ó wọ̀n ni, àbí orí wáyà?

Orí wáyà ni. Ẹni tí ó bá la ojúhò ní ìwọ̀n irin ojú ìsopọ̀ yóò rí i pé wáyà wọ̀, ṣùgbọ́n kò wọ̀ tán, nítorí pé ike tí ó bo orí wáyà fẹ̀ ju irin lọ, ògiri sì dá a dúró. Ẹ̀rọ yóò tan lónìí, yóò kú lọ́la nígbà tí ẹnìkan bá fara kan wáyà náà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ti ojú iná, tí í ṣe USB-C. Àárín rẹ̀ wà ní mílímítà 11.2 láti etí òsì bọ́ọ̀dù. Ilẹ̀ àpótí jẹ́ 2, òpó jẹ́ 5, bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ nípọn ní nǹkan bíi 1.5, nítorí náà, ojú òkè bọ́ọ̀dù wà ní mílímítà 8.5 láti ìsàlẹ̀ àpótí. Irin ojú USB-C ga tó 3.2, àárín rẹ̀ yóò sì wà ní nǹkan bíi 10.1. Àwọn tí wọ́n ṣe òfin USB-C gbà kí ike orí wáyà fẹ̀ dé 12.35, kí ó sì ga dé 6.5, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá fi àlàfo díẹ̀ kún un, ojúhò wa yóò fẹ̀ ní 13.5, yóò sì ga ní 7.5, ìyẹn ni pé yóò bẹ̀rẹ̀ láti 6.35, yóò sì dé 13.85. Ẹ kíyè sí i pé ìsàlẹ̀ ojúhò náà lọ sí abẹ́ bọ́ọ̀dù. Ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ ojúhò láti ojú òkè bọ́ọ̀dù, bí ọ̀pọ̀ ti ń ṣe, ti fi ògiri há apá ìsàlẹ̀ orí wáyà mọ́ra.

Ti HDMI méjèèjì tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Àárín èkíní wà ní 26, ti èkejì wà ní 39.5, ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 13.5. Tí a bá fún orí wáyà kọ̀ọ̀kan ní àyè 12.5, ike tí yóò kù láàárín ojúhò méjèèjì kò ju mílímítà 1 lọ, èyí tí yóò kán ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wáyà bá gbá a. Ẹ yọ ọ́ kúrò pátápátá, kí ẹ sọ ojúhò méjèèjì di ọ̀kan gígùn. Àpótí yóò le ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Apá ọ̀tún rọrùn, nítorí pé irin USB tí ó yọ ní 3 yóò bá ìta ògiri dọ́gba: àlàfo 1 àti ògiri 2. Orí wáyà kò ní láti wọ inú ògiri rárá, nítorí náà ìwọ̀n irin pẹ̀lú mílímítà 0.5 yíká tó. Àárín wọn láti etí tí ó wà lọ́dọ̀ yín ni 9, 27 àti 45.75. Ojú nẹ́tíwọ́kì ni ó wà ní 45.75 lára Raspberry Pi 4. Lára Raspberry Pi 3, òdìkejì ni ó wà, ìdí sì nìyẹn tí àpótí Raspberry Pi 3 kò fi bá èyí mu bí ihò súkúrù wọn tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà.

Àwọn ojú USB alájà méjì yìí ga tó mílímítà 16 lórí bọ́ọ̀dù, wọ́n sì dé 24.5 láti ìsàlẹ̀. Ẹ fi abẹ́ ìdérí sí 26.

Kí ẹ tó ná ike lórí gbogbo àpótí, ẹ tẹ àwòrán ilẹ̀ àpótí sórí ìwé ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an, ìyẹn 100 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ẹ gbé bọ́ọ̀dù lé e, kí ẹ wò bóyá àmì òpó hàn láàárín ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lẹ́yìn èyí, ẹ jẹ́ kí púríńtà ṣe ògiri tí ó wà lọ́dọ̀ yín nìkan, kí ẹ fi gbogbo wáyà tí ẹ ní dán an wò. Ọ̀kan ń yanjú ìbéèrè òpó, èkejì ń yanjú ti ojúhò.

Ibo ni ihò afẹ́fẹ́ ń lọ, báwo ni ó sì ti yẹ kó fẹ̀ tó?

Ohun tí ó ń gbóná jù ni ẹ̀yà onígun mẹ́rin tí irin dídán bò, ní apá òsì ojú bọ́ọ̀dù. Nígbà tí ooru rẹ̀ bá dé 80 °C, Raspberry Pi 4 yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dín eré rẹ̀ kù láti dáàbò bo ara rẹ̀. Kì í bàjẹ́ nítorí èyí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ yóò máa falẹ̀, ẹni tí kò mọ̀ yóò sì máa rò pé nẹ́tíwọ́kì ni tàbí káàdì.

Afẹ́fẹ́ gbígbóná máa ń gòkè. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa la ihò sí ìdérí, wọn a sì fi ibẹ̀ mọ. Ẹ ronú nípa ilé ìdáná tí ó ní ihò lókè ògiri, tí a sì ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀ pa: èéfín kò ní jáde dáadáa, nítorí pé kò sí afẹ́fẹ́ tútù tí ń wọlé láti rọ́pò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àpótí rí. Ihò ìdérí kò wúlò tó bí kò bá sí ihò nísàlẹ̀ tí ó kéré tán tóbi tó o.

Fún àpótí wa, ẹ la ihò mẹ́wàá sí ìdérí lórí ẹ̀yà tí ń gbóná náà, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní 40, kí ó fẹ̀ ní 2, kí ike mílímítà 2 sì wà láàárín wọn. Gbogbo àyè tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde yóò jẹ́ mílímítà onígun mẹ́rin 800. Ẹ la irú rẹ̀ sí ilẹ̀ àpótí láàárín àwọn òpó. Ẹ wá fi ẹsẹ̀ mẹ́rin tí ó ga ní mílímítà 4 sábẹ́ àpótí, nítorí pé bí ilẹ̀ rẹ̀ bá sùn sórí tábìlì, tábìlì náà ti dí gbogbo ihò yẹn pa.

Bí ẹ bá fẹ́ kí àwọn ihò wà lára ògiri dípò ilẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró lóòró. Púríńtà kò lè to ike sórí afẹ́fẹ́: bí ihò gígùn bá dùbúlẹ̀, orí rẹ̀ yóò wọ̀ sílẹ̀ bí okùn tí kò le dáadáa. Ihò tí ó fẹ̀ ní 2 tún dára nítorí pé súkúrù tí ó bá bọ́ lọ́wọ́ yín kò ní gba ibẹ̀ já sórí bọ́ọ̀dù tí iná wà lára rẹ̀. Èyí tí ó bá fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò tún gba ọmọńlé láyè, pàápàá lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ihò tí kò tó mílímítà 1 yóò dí ní ìgbà ọyẹ́, nígbà tí eruku bá pọ̀.

Irú ike náà ṣe pàtàkì níbí. PLA, tí ó rọrùn jù láti lò, máa ń rọ̀ ní nǹkan bíi 60 °C, òpó tí súkúrù ń fà yóò sì máa tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ooru tilẹ̀ tó dé ibẹ̀. PETG fara da ooru tó nǹkan bíi 80 °C, òun ni mo máa ń yàn fún ohun tí yóò máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ń lọ?

Ẹ má ṣe fọwọ́ kan ìdérí kí ẹ sọ pé ó tutù. Ike kì í gbé ooru jáde dáadáa, nítorí náà ó lè tutù níta kí inú rẹ̀ máa jó. Ẹ bi bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀. Ẹ ṣí ìdérí sílẹ̀, kí ẹ fún ẹ̀yà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ń ṣe ìṣirò níṣẹ́, kí ẹ sì máa wo ooru rẹ̀:

```
for i in 1 2 3 4; do yes > /dev/null & done
watch -n 5 vcgencmd measure_temp
```

Ẹ dúró títí nọ́ńbà náà kò fi ní gòkè mọ́, ó lè gba ìdajì wákàtí, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ dé ìdérí, kí ẹ tún dúró bẹ́ẹ̀, kí ẹ kọ èkejì sílẹ̀. Yàrá kan náà ni kí ẹ ti ṣe méjèèjì, ní ọjọ́ kan náà, nítorí pé bí yàrá bá fi ìwọ̀n mẹ́wàá gbóná sí i, bọ́ọ̀dù náà yóò fi nǹkan bí ìwọ̀n mẹ́wàá gbóná sí i. Ẹ tẹ Ctrl+C láti kúrò lójú ìwòye náà, kí ẹ sì fi `killall yes` dá iṣẹ́ náà dúró. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè bóyá ó dín eré kù:

```
vcgencmd get_throttled
```

Bí ó bá dáhùn pé `throttled=0x0`, kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láti ìgbà tí ẹ ti tan án. Bí ó bá jẹ́ nọ́ńbà mìíràn, ẹ kọ́kọ́ wo àkọsílẹ̀ ooru yín, nítorí pé iná tí kò tó láti ara ṣájà náà ń yí nọ́ńbà yìí padà. Tí ooru kò bá sún mọ́ 80, ṣájà tàbí wáyà rẹ̀ ni kí ẹ pààrọ̀, ẹ fi àpótí sílẹ̀.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín nọ́ńbà ooru méjèèjì tí ẹ kọ sílẹ̀ ni iye ooru tí àpótí yín ń fi kún ti bọ́ọ̀dù. Bí ìyàtọ̀ náà bá kéré, ṣùgbọ́n tí bọ́ọ̀dù ń dé 80 bí ìdérí tilẹ̀ ṣí, ihò kò lè ràn yín lọ́wọ́. Irin tí ń tú ooru ká ni kí ẹ lẹ̀ mọ́ orí ẹ̀yà náà, tàbí kí ẹ fi fáànù kékeré sí i. Bí ìyàtọ̀ náà bá pọ̀, ẹ gbé ìwé sísanra méjì sábẹ́ igun àpótí kí ó ga sí i, kí ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ooru bá wálẹ̀, ẹsẹ̀ àpótí ni ó kúrú. Bí kò bá wálẹ̀, ẹ la ihò ilẹ̀ sí i kí ẹ tó fọwọ́ kan ìdérí.